Ọrùn ọwọ́ tó kán, píópí tó ń yọ̀, àti ìgbà tí ìyá alámàlà máa tún di ọmọrogùn mú

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 57 ni mí, àmàlà ni mò ń tà ní Mushin. Mo yọ̀ ṣubú lórí pákó gọ́tà nígbà òjò, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbára lélẹ̀. Wọ́n ní ọrùn ọwọ́ mi ti kán, wọ́n fà á, wọ́n fi píópí dì í, ó pé ọjọ́ 19 lónìí. Píópí náà ti ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì ń yún mi, ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ni mo fi ń họ inú ẹ̀. Ìka mi wú, mi ò lè di ẹ̀ṣẹ́. Àwọn ará ọjà ní kí n lọ bá teguntegun kó bá mi fi omi gbígbóná jó o. Ìgbà wo gan-an ni mo máa lè ro àmàlà padà?*

Màmá, ẹ kú ìrora, ẹ sì kú ewu. Fisió ni mí o, kì í ṣe dókítà eegun, àmọ́ irú ọwọ́ tó kán báyìí ni mò ń bá ṣiṣẹ́ jù lọ, pàápàá nígbà òjò tí gbogbo pákó orí gọ́tà ní Èkó bá ti ń yọ̀. Kí n tó dé orí ọmọrogùn, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí ò lè dúró rárá, ìyẹn píópí tó ń yọ̀ lọ́wọ́ yín yẹn. Ẹ padà síbi tí wọ́n ti dì í lọ́la, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ sọ fún wọn pé ó ti tú, kí ẹ sì ní kí wọ́n ya ẹ́síréè tuntun kí wọ́n tó fi ohunkóhun kún un.

Ìdí tí mo fi ń kánjú rèé. Eegun méjì ló wà láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, èyí tó wà lápá àtàǹpàkò ni wọ́n ń pè ní rádíọ́ọ̀sì, òun ló fẹ̀ jù nísàlẹ̀ níbi tó ti pàdé ọwọ́, òun náà ló sì máa ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara nígbà téèyàn bá ń ṣubú tó wá na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láti fi gbára. Ìtòsí ọrùn ọwọ́ níbẹ̀ ló sábà máa ń kán, orí eegun náà á wá yẹ̀ sẹ́yìn, síhà ẹ̀yìn ọwọ́. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ Colles sínú káàdì yín, orúkọ dókítà ará Áyálándì kan nìyẹn, òun ló ṣàlàyé irú kíkán yìí lọ́dún 1814, ẹ́síréè ò sì tíì dáyé nígbà yẹn, ojú àti ọwọ́ lásán ló fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe nǹkan tuntun.

Inú eegun níbi tó kán yẹn ò le gbindin, ihò wẹẹrẹwẹẹrẹ ló kún un. Nígbà tí ẹ ṣubú, àwọn ihò yẹn rún mọ́ra wọn, nígbà tí wọ́n wá fa ọwọ́ yín padà sípò, eegun náà gùn padà lóòótọ́, àmọ́ àyè òfìfo kan ṣẹ́ kù lápá ẹ̀yìn níbi tó ti rún. Nǹkan gidi ò tíì sí nínú àyè yẹn tó lè gbé e dúró, píópí ló ń dì í mú láti ìta títí tí eegun tuntun á fi kún ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dì í, ọwọ́ yín wú, píópí bá wíwú yẹn mu. Báyìí wíwú apá ti lọ, ẹran apá náà ti fọn díẹ̀ torí pé kò ṣiṣẹ́, apá yín wá wà nínú píópí bí ẹsẹ̀ tó wà nínú bàtà tó tóbi jù, eegun lè tún rọra wọ́ padà sẹ́yìn láìjẹ́ pé ó dùn yín rárá. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn, ó lè yẹ̀ kí ẹ má mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 àkọ́kọ́ ni ewu yìí pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kéèyàn wá ya ẹ́síréè lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 1, kó tún wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ ò sọ fún mi bóyá ẹ lọ, àmọ́ mo mọ bó ṣe máa ń rí, owó ẹ́síréè lọ́tọ̀, owó kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, ṣọ́ọ̀bù ò sì sẹ́ni tó máa dúró tì í. Tí ẹ ò bá lọ, ẹ lọ báyìí. Tí wọ́n bá rí i pé ó ti yẹ̀ lónìí, ọ̀nà ṣì wà láti ṣàtúnṣe sí i, tí wọ́n bá rí i lọ́sẹ̀ 6 tó ti jọ mọ́ra wọn ní wíwọ́, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tún un gé, kí wọ́n fi irin àti síkúrù dì í, tàbí kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó wà ní ipò ẹ̀, wọ́n á kàn tú èyí tó tú yìí, wọ́n á fi òmíràn tó bá apá yín mu báyìí dì í, ẹ á sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Tí ibi tí ẹ ti ṣe é kò bá ní ẹ́síréè, ọsibítù eegun Ìgbóbì ò jìnnà sí Mushin, ọsibítù Ìdí-Àràbà ò sì jìnnà pẹ̀lú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìka tó wú. Èyí ló kan ọmọrogùn jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Wọ́n rò pé ọjọ́ tí wọ́n bá gé píópí ni ọ̀rọ̀ agbára ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Eegun tiyín á jọ ní tiẹ̀, àmọ́ ìka kì í dúró de eegun, ìka tó bá fi ọ̀sẹ̀ 6 wú tí kò sì ká, oríkèé ẹ̀ á gan, ẹ á wá rí i pé ọrùn ọwọ́ ti san, ìka ni ò gbà. Mo ti rí èèyàn tí eegun ẹ̀ jọ dáadáa lórí ẹ́síréè, tí kò lè di ṣíbí mú.

Kí ló ń jẹ́ kó wú títí di ọjọ́ 19? Mo fura sí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni sílíńgì, aṣọ tí wọ́n fi ń gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń so ó, ọrùn ni wọ́n so ó mọ́ ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì rọ̀ sílẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, gbogbo omi ara á wá ṣàn lọ síbi ìka. Tí ẹ bá ń jáde sáàárín èrò, ẹ so ó, kí èèyàn má baà kọlù yín, kí ọwọ́ ga díẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́. Tí ẹ bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé apá lé orí tábìlì tí ẹ to pílò tàbí aṣọ tí ẹ ká lé, kí ọwọ́ ga ju àyà lọ. Lálẹ́ náà bẹ́ẹ̀, pílò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Sílíńgì tó wà lọ́rùn láti àárọ̀ dalẹ́ á tún bá yín fún èjìká pa, ọ̀pọ̀ ni ọwọ́ wọn san tí wọn ò lè gbé apá sókè fi wé gèlè mọ́. Torí náà ẹ máa gbé apá yẹn sókè títí kan orí, ẹ máa ká ìgbọ̀nwọ́ kí ẹ sì nà án, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́.

Ìkejì ni pé ẹ ò lo ìka. Bóyá ẹ̀rù ń bà yín pé tí ẹ bá mì í eegun á yẹ̀. Eegun ò ní yẹ̀ torí pé ẹ ká ìka, wọn ò fi píópí dé ìka torí kí ẹ lè máa lò ó ni. Ẹ wo ibi tí etí píópí dé ní àtẹ́lẹwọ́ yín, ó yẹ kó dúró nísàlẹ̀ ìlà tí àtẹ́lẹwọ́ ti máa ń ká, kí oríkèé ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó pàdé ọwọ́ lè ká dáadáa, kí àtàǹpàkò náà lè rìn. Tó bá kọjá ibẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ bẹ̀ wọ́n lọ́la kí wọ́n bá yín gé e kúrò. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e nílé o.

Ìṣe ìka náà rèé. Ẹ na gbogbo ìka gbọọrọ. Ẹ wá ká orí ìka nìkan bíi pé ẹ fẹ́ fi kọ́ nǹkan, kí oríkèé tó pàdé ọwọ́ ṣì nà. Ẹ nà án padà, kí ẹ wá ká a láti oríkèé ìsàlẹ̀ yẹn, kí ìka wà ní títẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ di ẹ̀ṣẹ́ tó bá ti lè ṣeé ṣe, ọwọ́ òsì á bá yín tì í sínú díẹ̀, ẹ kà dé 5, ẹ tú u. Ẹ ya ìka síra wọn, ẹ pa á pọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò kan orí ìka kọ̀ọ̀kan títí dé ọmọńdinrín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni kí ẹ ṣe ìkọ̀ọ̀kan, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ojú yín bá fi là. Mo mọ̀ pé èyí pọ̀, àmọ́ ẹ ò nílò aago, gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá jókòó tó ń dúró de àwo, ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ ṣe é. Ó máa fà yín, ó sì lè dùn díẹ̀ lọ́jọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn ò burú. Ẹ yọ òrùka tó bá wà níbẹ̀ o, tí kò bá yọ, ẹ ní kí wọ́n gé e ní ọsibítù.

Àmọ́ ẹ máa ṣọ́ èyí. Wíwú àti ìrora tó ń dínkù tí ẹ bá gbọ́wọ́ sókè, nǹkan tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Tí ìrora bá wá ń le sí i tí oògùn ò gbà á mọ́, tó jẹ́ pé tí ẹlòmíràn bá na ìka yín gbọọrọ báyìí ẹ máa pariwo, tí ìka ń kú tàbí ó ń ṣe yín bí abẹ́rẹ́, tó tutù, tí ẹ bá tẹ èékánná tó funfun tí kì í padà pọ́n kíá, ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ ká máa dúró dọ̀la. Ẹ̀jẹ̀ ń há nínú apá tàbí iṣan ń fún pa nìyẹn, òru ni o, òjò ni o, ẹ wá ọkọ̀, kí wọ́n la píópí náà títí dé òwú abẹ́ ẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ni ẹran apá fi ń kú, kò sì sí ìfọwọ́rá tó lè jí i padà. Òmíràn tó tún yàtọ̀ ni tí àtàǹpàkò bá ṣàdédé kọ̀ láti gbéra sókè, tí ẹ bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí tábìlì tí ẹ ò lè gbé àtàǹpàkò nìkan kúrò nílẹ̀ mọ́ nígbà tó jẹ́ pé lánàá ẹ lè gbé e. Okùn iṣan kan wà tó ń kọjá lẹ́yìn eegun tó kán yẹn, ó máa ń já nígbà míì, lọ́sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ kán, kódà ó máa ń já lọ́wọ́ ẹni tí eegun ẹ̀ kán díẹ̀ báyìí tí kò yẹ̀ rárá. Kì í dùn púpọ̀, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi máa ń fojú fò ó. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ńkọ́? Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jù ú nù. Òwú wà lábẹ́ píópí, ọwọ̀ á gbá a jọ síbì kan, ibi tó kù á máa gbo ara ní tààràtà, ọwọ̀ náà á tún ha awọ, òógùn ṣọ́ọ̀bù ń dà sí i, egbò á wà níbẹ̀ tójú ò rí. Tí ẹ bá gbóòórùn tó yàtọ̀ sí ti òógùn, tàbí píópí bá ń tutù pọ́jọ́pọ́jọ́ síbì kan, tàbí ibì kan ń jó yín bí iná nínú ẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ṣí i wò. Fún yíyún, ẹ máa fi ìka gbá orí píópí tìì tìì, ẹ jókòó kí fáànù máa fẹ́ sẹ́nu ẹ̀, tàbí kí ẹ fi áìsì sínú láílọ́ọ̀nù kí ẹ ká aṣọ gbígbẹ mọ́ ọn kí ẹ gbé e lé orí píópí díẹ̀. Ẹ má da páódà sínú ẹ̀, ẹ má da Dẹ́tọ́ọ̀lù, ẹ má da kẹrosíìnì (wọ́n máa ń ṣe é o, ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà).

Omi àti ooru ni ọ̀tá píópí funfun yẹn. Tó bá mu omi á rọ̀, tó bá ti rọ̀ kò dì nǹkan mú mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ wẹ̀, ẹ fi láílọ́ọ̀nù méjì wé e, ẹ so ó lókè pẹ̀lú rọ́bà tí kò fún pa, kí ẹ sì na apá kúrò nínú omi, torí láílọ́ọ̀nù máa ń jò. Ẹ jìnnà síbi ìkòkò tó ń hó, kì í ṣe torí àmàlà nìkan, ooru omi gbígbóná àti òógùn ń rọ òwú inú ẹ̀. Èyí tí wọ́n máa fi dì í tuntun náà, tó bá jẹ́ funfun, ó máa ń gbà tó ọjọ́ 2 sí 3 kó tó gbẹ délẹ̀ bó tilẹ̀ le lójú, ẹ má gbé e lé etí tábìlì líle nígbà yẹn, á tẹ̀ wọnú, ibi tó tẹ̀ yẹn á máa gún yín. Tí owó bá wà, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe, ó fúyẹ́ ó sì gbẹ kíá, àmọ́ òwú abẹ́ ẹ̀ ṣì ń mu omi, torí náà ìlànà kan náà ni.

Ti teguntegun. Mi ò bá àwọn àgbà jà, mo sì mọ̀ pé ìdí tí àwọn ará ọjà fi sọ ọ́ ni pé wọ́n rí ẹni tó san lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọwọ́ yín dé, eegun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra wọn lọ́jọ́ 19, ẹnì kan á wá tú píópí, á fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, á fà á, á wọ́ ọ, ohun tí ẹ ti fi bí ọ̀sẹ̀ 3 fara dà á ti lọ nìyẹn. Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń dì mọ́ ọn náà, tó bá fún jù, ọwọ́ á dúdú, mo ti rí ọwọ́ tí wọ́n gé torí bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ pé kíkán kékeré ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ fi ẹni tó fẹ́ fi omi gbígbóná jó o sílẹ̀. Òrí tí ẹ ní nílé ò ṣòfò o, ẹ máa nílò ẹ̀, àmọ́ ó dìgbà tí wọ́n bá gé píópí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ́síréè dáa. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 láti ọjọ́ tí ẹ ṣubú ni wọ́n máa ń gé e. Ẹ má fòyà tí ẹ bá rí apá yín, á tín-ín-rín, awọ á máa pá, irun á ga, ọrùn ọwọ́ á le gan, kò sì ní jọ pé wọ́n ti wò ó sàn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ má fi kànhìnkànhìn bó o, ẹ fi òrí pa á lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tó. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù á ti dé, wọ́n á lọ ra bọ́ọ̀lù, wọ́n á máa fún un mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, lẹ́yìn oṣù kan wọ́n á ní agbára ò wọlé.

Ẹ fi ọwọ́ òsì yín dán an wò báyìí kí ẹ rí ìdí ẹ̀. Ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ sílẹ̀ dáadáa kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí inú apá, kí ẹ wá gbìyànjú láti di ẹ̀ṣẹ́ kó le. Kò le, àbí? Ẹ wá gbé ọrùn ọwọ́ sókè díẹ̀ sápá ẹ̀yìn, ẹ tún dì í. Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ ẹ̀. Okùn iṣan tó ń ká ìka, inú apá lókè ló ti wá, ọrùn ọwọ́ ló ń gbà kọjá, tí ọrùn ọwọ́ ò bá lè tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, okùn yẹn á dẹ̀, ìka ò ní lágbára bí bọ́ọ̀lù tí ẹ fún ṣe pọ̀ tó. Ọrùn ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú píópí ò sì fẹ́ tẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e, yíyí ọrùn ọwọ́ padà ni iṣẹ́ yín, kì í ṣe fífún bọ́ọ̀lù.

Ẹ gbé apá lé tábìlì kí ọwọ́ yọ sí etí tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ kọ sílẹ̀, ẹ máa gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ dá a dúró ka 5, ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà bí ẹni ń gbàdúrà, ẹ rọra gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè títí tó fi ń fà. Lẹ́yìn náà ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ kó kọjú sókè bíi pé ẹ fẹ́ gba ṣéńjì, ẹ yí i padà. Kíkọ sókè yẹn ló máa ń pẹ́ jù, tí ẹ ò bá sì fi ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, èjìká á máa bá yín tàn án jẹ, ẹ á rò pé ẹ ti ń ṣe é. Mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ò ṣe é jù ni pé ìrora tó bá wá nígbà tí ẹ ń ṣe é gbọ́dọ̀ lọ láàárín bí ìdajì wákàtí. Tí ọwọ́ bá wú ju ti àná lọ lówurọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín in sí ìlàjì, ẹ má dá a dúró pátápátá. Àmọ́ tí ọwọ́ bá ń jó bí iná, tí awọ ń dán, tí àwọ̀ ẹ̀ ń yí padà, tó ń làágùn ju èkejì lọ, tó jẹ́ pé aṣọ lásán tó bá kàn án ń dùn yín, èyí kọjá ìrora ìdárayá, ẹ wá fisió àti dókítà kíá, torí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá tètè mú un ló ń gbọ́.

Ó wá kan ọmọrogùn. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8 láti ọjọ́ tí ẹ ṣubú, tí dókítà bá ti ní eegun jọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì kékeré tí ẹ ká rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ máa fún un, ẹ máa lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Ẹ wá mú ọmọrogùn tó fúyẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ dì í mú láàárín, kì í ṣe nídìí, ẹ máa yí i sọ́tùn-ún sósì nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá dì í nídìí, ọ̀pọ̀ ìwúwo orí igi ló ń gbé, nítorí náà bí ọjọ́ ti ń lọ ni kí ẹ máa sún ọwọ́ sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ẹ fi ro omi lásán nínú ìkòkò kékeré tí kò sí lórí iná. Tí ìyẹn bá ti di nǹkan kékeré lójú yín, ẹ po ẹ̀kọ mímu, ògì tó ṣàn. Ẹ tún wá fi ògì sí i kó ki. Àmàlà tó tó ẹni kan jẹ, tó rọ̀, ló tẹ̀ lé e, ọwọ́ méjèèjì lórí igi, ọmọ tàbí ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ á di ìkòkò mú, ẹ má fi ẹsẹ̀ há a kí ẹ wá máa fi ara tì í. Ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ lo bí ọjọ́ 4 sí 5 lórí ẹ̀, ẹ má gòkè tí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bá ń sọ pé ọwọ́ wú. Bí ẹ bá ṣe é báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní ipò yín máa ń ro ìkòkò kékeré ní bí oṣù 3 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣubú. Ìkòkò ńlá tọjọ́ Sátidé tí ẹ̀lùbọ́ kún dẹ́nu, ẹ fi sí oṣù 4 sí 6, kẹ́ẹ̀gì omi tó kún náà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn, owó ọmọ tó ń bá yín rò ó ń lọ, àmọ́ ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ 6 ń tàn yín.

Kí ẹ má baà máa fi ojú díwọ̀n, ẹ gbé báàgì kan tó ní ìdìmú, ẹ máa fi píọ̀ wọ́tà sínú ẹ̀, ọ̀kan tó bí ìdajì kílò. Ẹ fi ọwọ́ òsì gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kà dé 10, ẹ wo iye tí ẹ lè gbé kí ìka tó bẹ̀rẹ̀ sí tú. Ẹ wá fi ọ̀tún ṣe é. Ẹ má tíì ṣe é kó tó di ọ̀sẹ̀ 10 o, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbé ìdajì ohun tí òsì ń gbé ní oṣù 3 kì í ṣe ọwọ́ tó bàjẹ́, agbára ṣì máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀ títí di ọdún kan, apá ọmọńdinrín ọrùn ọwọ́ sì lè máa dùn yín nígbà tí ẹ bá ń yí nǹkan fún oṣù bíi mélòó kan. Tí iye yẹn ò bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ 4 ni kí ẹ wá fisió.

Ó ku nǹkan kan tí ẹ máa bá dókítà sọ lọ́la nígbà tí ẹ bá ń retí ẹ́síréè. Ẹni ọdún 57 tí nǹkan oṣù ti dúró, tó ṣubú láti ìdúró lásán tí eegun ẹ̀ kán, ó yẹ kí wọ́n wo bóyá eegun yín lápapọ̀ ti ń fúyẹ́, torí ọrùn ọwọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìbàdí sì lè tẹ̀ lé e lọ́dún díẹ̀ sí i. Ẹ béèrè nípa kálísíọ́ọ̀mù àti fítámìn D, ẹ sọ oògùn tí ẹ ń lò fún wọn, pàápàá tí ẹ bá ti lo oògùn oríkèé-ríro tí ẹnikẹ́ni ò kọ fún yín fún ìgbà pípẹ́, torí àwọn kan nínú wọn ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, ó sì ń jẹ eegun. Kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín pààrọ̀ pákó orí gọ́tà yẹn, kí wọ́n kan rọ́bà táyà mọ́ ọn, torí ẹ̀yin àti àwọn oníbàárà yín ṣì ń gba orí ẹ̀ kọjá.